Ẹ gbà mí o: wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìyá wa ránṣẹ́ láìní àmì kankan, fóònù nìkan ni mo sì ní

Àbíkẹ́yìn_Màmá (Ajé, 9:12 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan ìyá wa, èmi ni wọ́n sì ní kí n kó ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi kọ jọ sínú ìwé ètò. Ojú ìwé mẹ́rin péré ni. Orí Wasáàpù ni gbogbo wọn ti kọ ọ́ ránṣẹ́, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó fi àmì sí i. Àbúrò ìyá wa kan tó ti ṣe tíṣà rí ti kìlọ̀ pé òun ò ní fọwọ́ kan ìwé tí kò bá ní àmì. Mi ò ní kọ̀ǹpútà, fóònù Áńdírọ́ọ̀dù ni mo ń lò. Ọjọ́ Ẹtì ni ilé ìtẹ̀wé fẹ́ gbà á.

Mo kọ́kọ́ ń tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ kí àwọn tó ní àmì lè yọ sókè. Mo rí é, mo rí è, mi ò rí ẹ. Ìpínrọ̀ kan gbà mí tó wákàtí kan, fóònù náà sì ń sọ "ile" di ọ̀rọ̀ òyìnbó mọ́ mi lọ́wọ́. Ni mo bá lọ sórí ìtàkùn kan tó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ rèé:

Iya wa ko je ki iya je wa. Won ta agbon ni oja Owo fun ogun odun, gbogbo owo won ni won fi ran wa ni ile iwe.

Ohun tí ìtàkùn náà dá padà fún mi rèé:

Ìyá wá kò jẹ́ kí ìyá jẹ wa. Wọ́n ta àgbọn ní ọjà owó fún ogun ọdún, gbogbo ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ràn wá ní ilé ìwé.

Mo mọ̀ pé ó ti ṣìnà, ṣùgbọ́n mo ti wò ó títí, mi ò mọ èyí tó tọ́ mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ṣèyí_Fóònù (Ajé, 9:40 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kíbọọ̀dù òyìnbó lẹ ń lò ni ẹ ò ṣe rí ẹ. Tó bá jẹ́ Gboard ló wà lórí fóònù yín, ẹ wọ inú Settings rẹ̀, ẹ tẹ Languages, lẹ́yìn náà Add keyboard, kí ẹ wá Yoruba, kí ẹ fi kún un. Láti ìgbà náà lọ, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ mọ́lẹ̀, á bi yín pé èdè wo lẹ fẹ́. Nígbà tí Yorùbá bá wà lórí rẹ̀, kò ní máa sọ "ile" di nǹkan mìíràn mọ́.

Èkejì, Dictionary wà nínú Settings kan náà, Personal dictionary sì wà nínú rẹ̀. Ẹ yan Yoruba, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé, kí ẹ wá kọ ọ́ láìní àmì síbi Shortcut. Tí ẹ bá ti tẹ "sugbon" tàbí "ojo" báyìí, èyí tó ní àmì á yọ lókè, ẹ kàn máa fọwọ́ kàn án. Ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò síbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ò ní tẹ àmì kankan mọ́.

Bọ̀dé_Ẹ̀gbá (Ajé, 10:05 àárọ̀)

Wahala yii ti poju. Mo ti n ko Yoruba bayii lati ojo ti mo ti n lo foonu, ko si eni ti ko ye. E fi le be, mama a gbadun.

Tíṣà_Tó_Fẹ̀yìntì (Ajé, 11:31 àárọ̀)

Ẹ kú ìrántí ìyá. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin ọmọ sí.

Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀dé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn. "Ko si eni ti ko ye." Mo kà á ní "kò sí ẹni tí kò yé", pé gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ yín. Mo tún kà á ní "kò sí ẹni tí kò yẹ", pé gbogbo èèyàn ló yẹ bẹ́ẹ̀. Èwo ni?

Ṣèyí, ìmọ̀ràn rẹ dáa títí dé ìdajì. "Ojo" tí o fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn, òjò ni, àbí ọjọ́, àbí ojo tó ń sá fógun, àbí Òjó ọmọ bàbá rẹ? Fóònù ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ bí "ṣùgbọ́n" kò ní wàhálà, ọ̀nà kan la ń gbà kọ ọ́. Àwọn kéékèèké tó wà láàárín ló ń dá gbólóhùn rú: wa, won, ni, ko, je. Àwọn náà ló sì pọ̀ jù.

Àbíkẹ́yìn, jókòó, ká jọ ka gbólóhùn ẹ̀gbọ́n rẹ sókè. Ohùn ni kí o tẹ̀ lé, má wo ojú lẹ́tà.

"Wa" wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú "ìyá wa", ti àwa ni, re ni. Nínú "jẹ wá", jẹ fúnra rẹ̀ wà ní re, nítorí náà wá tó tẹ̀ lé e gòkè lọ sí mí. Nínú "rán wa", rán ti gba mí, nítorí náà wa sọ̀ kalẹ̀ padà sí re. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé "ó rí mi" ṣùgbọ́n "ó pa mí". Ètè rẹ mọ èyí láti kékeré, ìka rẹ ni kò mọ̀ ọ́n.

Ìtàkùn yẹn wá sọ pé "kò jẹ́ kí ìyá jẹ wa". Ìyà tó fẹ́ jẹ yín ló sọ di ìyá! Èyí ẹnikẹ́ni á rí i, á rẹ́rìn-ín. Èyí tó léwu ni ti ìparí, níbi tó ti sọ "rán wa" di "ràn wá". Yorùbá tó gún régé ni "ràn wá", nítorí lẹ́yìn dò náà, wá máa ń gòkè. Ó tún sọ owó di ọwọ́ kó lè bá a mu. Ẹni tó bá ń yára kà á á rò pé ọwọ́ ni màmá fi ràn yín lọ́wọ́, kò ní mọ̀ pé owó ọjà ni wọ́n fi rán yín nílé ìwé.

"Ta" tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Tó o bá ṣí atúmọ̀ èdè, "tà" lo máa bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, dò orí rẹ̀ á bọ́: ta aṣọ, ra ẹran, ka ìwé. Tó bá jẹ́ "á" ló tẹ̀ lé e, dò á dúró síbẹ̀: tà á, rà á, kà á. Ìtàkùn yẹn gba èyí, ẹ jẹ́ ká fún un ní máàkì. Ẹni tó bá ń kó ọ̀rọ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú atúmọ̀ èdè kò ní gbà á.

"Ogun ọdún" di ogun tí wọ́n ń jà. Ogún ni. "Ọjà owó" kò sí ńbẹ̀ rárá, O ńlá tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti sọ fún wa pé ìlú Ọ̀wọ̀ ni.

Ó wá ku agbon. Àgbọn tí à ń fọ́ jẹ ni, àbí agbọ̀n tí à ń kó ẹrù sí? Méjèèjì ni wọ́n ń tà lọ́jà. Agbọ́n tó máa ń ta èèyàn nìkan ni mo lè yọ kúrò. Kò sí òfin èdè kan tó lè yanjú èyí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni ìdáhùn wà. Pè é lórí fóònù, má ṣe jẹ́ kó tún kọ ọ́ ránṣẹ́, nítorí "agbon" náà ló máa tún kọ.

Ọmọ_Olóbì (Ajé, 12:20 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun, sà. Èmi ní ọgbọ́n kan tó máa ń dín iṣẹ́ kù. Mo máa ń fi gbogbo àmì abẹ́ sí i ná kí n tó padà wá fi ti orí sí i. Ti abẹ́ rọrùn torí pé ẹ àti e kì í jọ gbé inú ọ̀rọ̀ kan, ọ àti o náà kì í jọ gbé ibẹ̀. Tí "owo" bá gba àmì lábẹ́ ọ̀kan, ìkejì náà gbọ́dọ̀ gbà á. Owó tàbí ọwọ́, kò sí "ọwo".

Tíṣà_Tó_Fẹ̀yìntì (Ajé, 12:48 ọ̀sán)

Fún ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò ní oríkèé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wo ìtẹ̀wé, wo òǹkọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tí a so pọ̀ ni wọ́n, kálukú sì mú tirẹ̀ wá látilé. Tó o bá rọ́ òfin rẹ mọ́ "òǹkọ̀wé", o máa bà á jẹ́. Mo gbà pé kí àmì abẹ́ ṣáájú, ìyẹn dáa gan-an. Fi èyí kún un: ọ̀rọ̀ orúkọ wa tó bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í gba mí lórí fáwẹ̀lì náà. Tí o bá rí "ówó" tàbí "ílé" níbi tó o kọ sí, o ti ṣì í tẹ̀. Àwọn tá a yá bí ọ́fíìsì nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì (Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Ẹ ṣọ́ra fún àmì yìí o! Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe àwọn ẹbí síbi ìsọmọlórúkọ lóṣù tó kọjá, kì í ṣe ti Wasáàpù, èyí tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo fi ránṣẹ́ fún àwọn ará ìjọ láìní àmì, owó ojú ìwé kan ni wọ́n yọ. Èyí tí mo fi àmì sí, ti mẹ́ta ni wọ́n yọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé wọ́n jà mí lólè ni.

Lékan_Kóòdù (Ajé, 2:02 ọ̀sán)

Mà, wọn ò jà yín lólè. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá jẹ́ kìkì lẹ́tà tó wà nínú àtẹ àtijọ́ tí fóònù ń lò, 160 ló ń gbà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé à, è, ì, ò, ù àti é wà nínú àtẹ yẹn. Ṣùgbọ́n á, í, ó, ú kò sí ńbẹ̀, ẹ, ọ, ṣ kò sì sí. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ti tó kí ojú ìwé náà já sí 70. Tó bá wá ju ọ̀kan lọ, 67 ni ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ń gbà, torí wọ́n ní láti fi ibi tí wọ́n ti so mọ́ ara wọn pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́tà 150 tó gba ojú ìwé kan tẹ́lẹ̀ á gba mẹ́ta. Kò kan Àbíkẹ́yìn ṣá, ìwé ló fẹ́ tẹ̀.

Lórí ìtàkùn tó ń fi àmì sí i fúnra rẹ̀: ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Àwọn kan kàn ń mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi èyí tó wọ́pọ̀ jù rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn ń wo gbólóhùn látòkèdélẹ̀. Iroro Orife gbé irú èyí kejì jáde ní 2018, ẹnikẹ́ni sì lè rí i lórí GitHub ní Niger-Volta-LTI/yoruba-adr. Ó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Àmọ́ ohun tí ẹ̀rọ bá kà ló máa mọ̀, Bíbélì ló sì pọ̀ nínú Yorùbá tó ní àmì pípé tí èèyàn lè rí kó fún un. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ nípa ọjà tàbí bọ́ọ̀lù, ẹ ó rí i tó máa ta òkìtì.

Síbẹ̀, èmi á lò ó fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ojú ìwé mẹ́rin ni, ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Kó ṣe tirẹ̀, kí ẹ wá tún un ṣe.

Tíṣà_Tó_Fẹ̀yìntì (Ajé, 2:40 ọ̀sán)

Lékan, ibẹ̀ ni mi ò ti bá ọ lọ. Mo ti yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò rí fún ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ń pariwo pé òun ò tíì parí. Èyí tó ti ní àmì, tó sì ṣì í, ń dákẹ́. Ìwọ náà wo "ràn wá" yẹn. Tí mi ò bá rí ti ẹ̀gbọ́n lókè rẹ̀, ǹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lékan_Kóòdù (Ajé, 2:55 ọ̀sán)

Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fi àmì sí ìpínrọ̀ kan ní wákàtí kan kò ní fi sí ojú ìwé mẹ́rin kó tó di Ẹtì. Kó tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó máa kà á látinú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Akẹ́tu_Ọmọ_Alákétu (Ajé, 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Èmi wá láti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ɛ àti ɔ la ń kọ, sh la sì ń fi sípò ṣ. Kò sí àmì abẹ́ tí à ń wá kiri, ti orí nìkan ló kù. Ẹ dán an wò.

Ọmọ_Olóbì (Ajé, 4:22 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, àbúrò ìyá wọn tó ti ṣe tíṣà á wá fa ìwé náà ya.

Ṣèyí_Fóònù (Ajé, 5:03 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti gba ìbáwí Tíṣà. Mo ti tún ọ̀nà mi ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún mi láti ọ̀sán. Níbi Shortcut, mo fi lẹ́tà kan sẹ́yìn àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yẹn: m fún mí, d fún dò, tí re kò sì gba nǹkan kan. "Wonm" á mú wọ́n wá, "won" á mú wọn wá. "Nim" ni ní, "ni" sì dúró bó ṣe wà. "Kod" ni kò. Mo fi bí ogún ọ̀rọ̀ síbẹ̀, àwọn nìkan náà sì ni mo fi síbẹ̀. Òjò àti ọjọ́, mo ń fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mò ń yan ohùn, fóònù kàn ń bá mi fi àmì sí i ni.

Àbíkẹ́yìn_Màmá (Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo lo ti Ṣèyí, mo ti parí ojú ìwé mẹ́ta. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi: agbọ̀n ni! Mo rò pé àgbọn ni láti ìgbà tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ náà. Ó ní màmá ló máa ń hun ún fúnra wọn kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí mo fi máa gbọ́n, ìṣẹ́ aṣọ ni mo bá lọ́wọ́ wọn.

Nǹkan méjì ló kù. Tí mo bá fẹ́ pa ẹ́ rẹ́, àmì orí nìkan ló ń lọ, mo ní láti tún un tẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ṣé fóònù mi ló bàjẹ́ ni? Èkejì, mo fi ojú ìwé kan ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kó wò ó. Ó ya fọ́tò rẹ̀ padà fún mi: "ilé" dúró dáadáa, "ọjà" náà dáa, ṣùgbọ́n nínú "Ọ̀wọ̀" àti "wọ́n", àpótí kékeré ló wà níbi tó yẹ kí àmì orí wà.

Lékan_Kóòdù (Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́)

Nǹkan kan náà ló fa méjèèjì. Nínú fóònù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. é ní tirẹ̀, U+00E9. ẹ ní tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fún ẹ́ ní nọ́ńbà. Ẹ ni, pẹ̀lú àmì mí tó ń dá dúró, U+0301, tí wọ́n gbé lé e lórí. Lẹ́tà méjì ni lójú fóònù, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. ọ̀ náà bẹ́ẹ̀, m̀ náà bẹ́ẹ̀. Fọ́ǹtì atẹ̀wé yín mọ ẹ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì lé e lórí, ló ṣe fi àpótí sí i. Fọ́ǹtì mìíràn kì í fi àpótí sí i, á kàn ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí sì ṣòro láti rí.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ lásán ránṣẹ́ sí i mọ́, ẹ má sì jẹ́ kó tún un tẹ̀. Ẹ kó o sínú Google Docs lórí fóònù yín, ẹ yan Noto Serif, kí ẹ sọ ọ́ di PDF. Fọ́ǹtì náà á wà nínú fáìlì. Tó bá ní fọ́ǹtì tòun lòun gbọ́dọ̀ lò, ní kó gbé Charis SIL tàbí Gentium sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kí ẹ tó fi odindi ìwé ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi ìlà kan yìí ránṣẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kó ya fọ́tò rẹ̀:

ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ Ọ̀ Ẹ́ ń ǹ m̀

Ó ku ẹyọ kan. Tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n yín bá fi kíbọọ̀dù mìíràn kọ tirẹ̀, ó lè jẹ́ igi kékeré ló wà lábẹ́ ẹ rẹ̀, bíi e̩, tí kì í ṣe àmì roboto. Ojú ò tètè rí i, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wá "wọ́n" nínú fáìlì, kò ní rí ti ẹni yẹn. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè fi èyí sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan náà:

```
import unicodedata
s = open("eto.txt", encoding="utf-8").read()
s = s.replace("\u0329", "\u0323")
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
open("eto2.txt", "w", encoding="utf-8").write(s)
```

Ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi tí kò bá sí ẹni tó lè bá yín ṣe é.

Tíṣà_Tó_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́rú, 9:50 alẹ́)

Àbíkẹ́yìn, "ìṣẹ́ aṣọ" lo kọ sókè yẹn. Ìṣẹ́ ni ti òṣì. Iṣẹ́ ni o fẹ́ sọ. Wá a kàn nínú ìwé náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àbíkẹ́yìn_Màmá (Ọjọ́bọ̀, 6:05 àárọ̀)

Yé è! Ibi mẹ́rin ni mo ti bá a. Ẹ ṣeun, sà. Ìlà yẹn ti jáde lórí bébà, gbogbo rẹ̀ pé. m̀ nìkan ló tẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, a ò sì lò ó níbì kankan.

Bọ̀dé_Ẹ̀gbá (Ọjọ́bọ̀, 7:20 àárọ̀)

Mo ti fi Yorùbá sórí kíbọọ̀dù mi. O gba mí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti kọ èyí.

Tíṣà_Tó_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́bọ̀, 7:31 àárọ̀)

Èmi kọ́ ni mo gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. "Ó gbà mí."